Ta ló wà nínú pósí yẹn? Bí a ṣe ń yẹ míìmù wò kí a tó tún un lò

Alàájì kan tó ń ta páàdì bíréèkì ní Gate, n'Íbàdàn, fi fídíò kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Awakọ̀ kan ń sáré bọ̀, ọkọ̀ tó wà níwájú rẹ̀ dúró lójijì, ó tẹ bíréèkì, bíréèkì ò mú. Kí ọkọ̀ méjèèjì tó kan ara wọn, àwòrán yí padà: orin bú jáde, àwọn ọkùnrin tó wọ kóòtù, tí wọ́n fi awò dúdú sójú, gbé pósí léjìká, wọ́n ń jó. Alàájì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Àbúrò mi, irú èyí ni mo fẹ́. Bá mi kọ orúkọ ṣọ́ọ̀bù mi sí i, kó o gbé e jáde lọ́la."

Iṣẹ́ mi ni kí n máa bá àwọn oníṣòwò bójú tó ohun tí wọ́n ń gbé síta lórí ẹ̀rọ ayélujára. N kò gbà fún un lálẹ́ ọjọ́ náà, n kò sì kọ̀. Mo ní kó fún mi ní ọjọ́ méjì. Ohun tí mo fi ọjọ́ méjì náà ṣe ni mo fẹ́ tò sílẹ̀ fún yín, nítorí pé ọ̀nà kan náà ni mo máa ń gbà yẹ míìmù èyíkéyìí wò.

Ẹ kọ́kọ́ tú u palẹ̀

Ẹ pa ohùn rẹ̀, kí ẹ wo àwòrán nìkan. Lẹ́yìn náà kí ẹ dojú fóònù dé, kí ẹ gbọ́ ohùn nìkan. Ohun tí ẹ ń wá ni oríkèé rẹ̀, ibi tí nǹkan kan ti parí tí òmíràn ti bẹ̀rẹ̀.

Míìmù agbépósí yìí kò ní ju apá méjì lọ. Apá àkọ́kọ́ ni ewu tó ń bọ̀: ẹnì kan fẹ́ fò kọjá kòtò, ẹnì kan gun àkàbà tó ń mì, orin sì ń ga díẹ̀díẹ̀. Apá kejì ni ijó. Láàárín méjèèjì ni wọ́n ti gé fídíò náà, ibi tí wọ́n sì gé e yìí ni gbogbo agbára rẹ̀ wà. Wọ́n máa ń gé e kí ara ẹni náà tó kan ilẹ̀. A kì í rí ẹ̀jẹ̀, a kì í gbọ́ igbe. Ọkàn wa ló ń parí ọ̀rọ̀ náà fún wa, ijó sì ti gba ojú wa kí àánú tó ráyè wọlé. Bí ẹ bá fi ìṣẹ́jú-àáyá kan péré kún apá àkọ́kọ́, tí ara fi kan ilẹ̀ lójú wa, kò sẹ́ni tó máa rẹ́rìn-ín mọ́.

Nígbà tí ẹ bá ti rí oríkèé rẹ̀, ẹ kọ ìtumọ̀ rẹ̀ ní gbólóhùn kan, láì dárúkọ pósí, ijó tàbí orin. Tèmi rèé: "Ó ti parí fún ẹni yìí." Kí ẹ tó gba gbólóhùn yín gbọ́, ẹ wá irú míìmù náà mẹ́wàá tí ẹni ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ṣe, kí ẹ fi gbólóhùn náà dán ọ̀kọ̀ọ̀kan wò. Ọmọ tó fèsì fún ìyá rẹ̀ níbi tí ìyá ti ń bínú: ó ti parí fún un. Ẹni tó tẹ nọ́ńbà ọ̀gá rẹ̀ ní òru láìmọ̀: ó ti parí fún un. Nínú mẹ́wàá tí mo wò, mẹ́sàn-án ló gba gbólóhùn mi. Ìkẹwàá jẹ́ ti ẹnì kan tó fi ijó náà yọ̀ pé òun ti parí ìdánwò, ó dà á rú, àwọn tó fèsì sábẹ́ rẹ̀ náà sì ń béèrè ohun tó ń sọ. Bí ẹ ṣe máa mọ̀ nìyẹn pé gbólóhùn yín tọ̀nà: àwọn tó bá ṣe é lódì sí i, kì í yé èèyàn.

Nínú gbólóhùn yẹn, ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹni tó ń lò ó máa ń fi tirẹ̀ dípò. Ọ̀rọ̀ náà ni "ẹni yìí". Ẹ fi sọ́kàn, a máa padà sí i.

Ẹ wá orísun rẹ̀ kàn

Èyí kì í pẹ́. Ẹ dá fídíò náà dúró níbi tí àwòrán ti mọ́lẹ̀ dáadáa, ẹ ya àwòrán ojú fóònù yín, ẹ gbé e sí Google Lens. Lẹ́yìn náà ẹ tẹ orúkọ tí àwọn èèyàn ń pè é, èyí tí í ṣe `coffin dance`, sínú Know Your Meme, ojú òpó tó ń kọ ìtàn míìmù sílẹ̀, kí ẹ ka ọjọ́ àti ibi tó ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí ẹ máa bá pàdé ni pé àwọn agbépósí náà ti wà lẹ́nu iṣẹ́ wọn tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó fi wọ́n ṣe míìmù. Ará Ghana ni wọ́n, láti ìlú Prampram. Benjamin Aidoo ló ṣáájú wọn. Lọ́dún 2017, BBC gbé ìròyìn nípa wọn jáde, níbi tí Aidoo ti ṣàlàyé pé òun máa ń bi mọ̀lẹ́bí òkú léèrè bóyá jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni wọ́n fẹ́ ẹ àbí wọ́n fẹ́ kí ijó wà níbẹ̀. Orin tó wà lábẹ́ rẹ̀ kì í ṣe ti Ghana rárá. "Astronomia" ni wọ́n ń pè é. Tony Igy, ará Rọ́ṣíà, ló ṣe é lọ́dún 2010, Vicetone sì tún un ṣe lọ́dún 2014. Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2020 ni àwọn tó ń lo TikTok so àwọn méjèèjì pọ̀ mọ́ fídíò àwọn tó ń ṣubú.

Kí nìdí tí mo fi ń da ara mi láàmú pẹ̀lú èyí? Nítorí pé ó sọ nǹkan kan tí míìmù náà fúnra rẹ̀ ti fi pa mọ́. Òkú gidi ló wà nínú pósí tí wọ́n gbé jó nínú ìròyìn yẹn, àwọn èèyàn rẹ̀ ló sì ní kí wọ́n jó. Ijó náà jẹ́ ẹ̀yẹ. Àwa tí a wà lórí ayélujára la sọ ọ́ di yẹ̀yẹ́ ẹni tó ṣubú.

Ẹ wo ohun tí ìgbà ti ṣe sí i

Bí míìmù náà ṣe ń gbilẹ̀ ní oṣù kẹta àti oṣù kẹrin ọdún 2020 ni àrùn kòrónà ń tàn káàkiri ayé. Ìtumọ̀ rẹ̀ yí padà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ní Kòlóńbíà, àwọn ọlọ́pàá gbé pósí jó láàárín ìgboro kí àwọn èèyàn lè jókòó sílé. Ní oṣù karùn-ún, àwọn agbépósí Ghana fúnra wọn bo imú, wọ́n ṣe fídíò kan tí wọ́n fi dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn dókítà, wọ́n sì ní kí èèyàn jókòó sílé tàbí kó wá bá àwọn jó. Lẹ́nu wọn, ó bá a mu, nítorí pé iṣẹ́ wọn ni, àwọn ni ọ̀ràn náà sì kàn.

Kò bá a mu lẹ́nu tèmi. Lóṣù kẹfà ọdún yẹn, mo bá ẹnì kan tó ń ta ìbòmú gbé e jáde: ọkùnrin kan ń wọ inú ọjà láìbo imú, wọ́n gé e, ijó bẹ̀rẹ̀. Ogójì ìṣẹ́jú ló lò lórí ojú ìwé náà. Àwọn tó kọ́kọ́ wò ó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà obìnrin kan kọ ọ̀rọ̀ márùn-ún péré sábẹ́ rẹ̀: "Àná la sin bàbá mi." Kò bú ẹnikẹ́ni. Mo yọ ọ́ kúrò lójú ẹsẹ̀, mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀, kò sì fèsì. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ̀ pé iye ẹni tó rẹ́rìn-ín kì í ṣe òṣùwọ̀n, nítorí pé ẹni tí ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́ kì í sábà sọ̀rọ̀.

Ṣé ó ti gbó?

Ẹ má ṣe da ìbéèrè yìí pọ̀ mọ́ èyí tó kàn. Míìmù lè gbó kó má dun ẹnikẹ́ni. Ó sì lè jẹ́ àná ni wọ́n ṣe é, kó dun èèyàn wọ egungun. Bí ẹ bá da méjèèjì pọ̀, ẹ máa wá àtúnṣe síbi tí àìsàn kò sí.

Àwọn kan máa ń sáré lọ sí Google Trends. Ẹ lọ síbẹ̀ o, ẹ tẹ orúkọ náà, kí ẹ wò ó láti ọdún 2020 títí di òní. Ẹ máa rí òkè ńlá kan ní oṣù kẹrin ọdún 2020, tó sì sọ̀ kalẹ̀ kíákíá lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n iye àwọn tó ń wá nǹkan ló ń fi hàn yín, kì í ṣe iye àwọn tó ń lò ó. Ẹni tó ti mọ nǹkan kì í wá a mọ́.

Ibi tí mo gbẹ́kẹ̀ lé ni TikTok fúnra rẹ̀. Mo tẹ orúkọ náà síbẹ̀, mo ní kó fi kìkì èyí tí wọ́n gbé síta láàárín oṣù kan hàn mí, mo sì ka ogún àkọ́kọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mi ò ka iye ẹni tó fẹ́ràn wọn. Ìbéèrè mi ni: ẹni yìí, báwo ló ṣe ń lò ó? Àwọn kan ń fi orin náà kọ́ dùùrù. Àwọn kan ń ṣe eré ọmọdé pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn kan ń sọ pé, "Ẹ rántí ọdún 2020?" Àwọn tó lò ó gẹ́gẹ́ bí àwàdà, bí wọ́n ṣe ń ṣe é níjọ́sí, kò tó ìdá kan nínú mẹ́rin. Àwọn yẹn náà ti gé e kúrú. Wọn kì í fi ijó hàn mọ́, ìbẹ̀rẹ̀ orin nìkan ni wọ́n ń fi sí i, wọ́n mọ̀ pé èèyàn á fi ìyókù kún un fúnra rẹ̀.

Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé míìmù náà kò kú, ó ti di ọ̀rọ̀ tí gbogbo èèyàn mọ̀. Ọ̀rọ̀ tí gbogbo èèyàn mọ̀, a máa ń sọ ọ́ fẹ́rẹ́ ni. Ẹni tó bá tún wá gbé gbogbo rẹ̀ kalẹ̀, tó jẹ́ kí orin lọ títí, tó jẹ́ kí wọ́n jó fún ogún ìṣẹ́jú-àáyá, ló máa dà bí ẹni tó ń ròyìn àná fún àwọn tó wà níbẹ̀. Fídíò tí Alàájì fi ránṣẹ́ jẹ́ bẹ́ẹ̀ gan-an. Síbẹ̀, lórí WhatsApp Status, láàárín àwọn awakọ̀ àti mẹkáníìkì tó lé ní ogójì ọdún, míìmù kì í gbó kíákíá bó ṣe ń gbó lórí TikTok. Nítorí náà mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé: ó gbó díẹ̀, kò burú, a lè gé e kúrú.

Ohun kan tó yẹ kí oníṣòwò mọ̀: bí ó bá jẹ́ ojú ìwé oníṣòwò lẹ ní lórí TikTok, orin tí wọ́n yọ̀ǹda fún ìpolówó nìkan ni wọ́n máa jẹ́ kí ẹ lò. Orin tí ọmọ ilé yín ń lò lórí tirẹ̀ lè má sí lórí tiyín.

Ta ni "ẹni yìí"?

Ibí lọ̀rọ̀ wà. Ẹ padà sí gbólóhùn tí ẹ kọ, kí ẹ fi ẹni tí ìpolówó yín ń tọ́ka sí rọ́pò ọ̀rọ̀ tó ṣí sílẹ̀ nínú rẹ̀. Ti Alàájì di: "Ó ti parí fún awakọ̀ tí bíréèkì rẹ̀ kò mú." Ẹ kà á jáde sí etí ara yín. Nínú àwọn àwàdà tí mo dán wò, ọmọ tí ìyá rẹ̀ fẹ́ bá wí kò níí kú, gbogbo wa ló mọ̀. Awakọ̀ tí bíréèkì rẹ̀ kò mú lè kú ní tòótọ́, òun àti àwọn èrò tó kó. Ibi tí míìmù ti máa ń ṣẹ èèyàn nìyí: nígbà tí àsọdùn bá di òótọ́.

Nǹkan kejì wà tó kan àwa Yorùbá ju ẹlòmíràn lọ. Àwa náà ń gbé pósí jó, kì í ṣe ohun àjèjì lójú wa. Ṣùgbọ́n òkú ta là ń gbé jó? Òkú àgbàlagbà ni, ẹni tó gbó tó tọ́, tó fi ọmọ sáyé lọ. Bí ọ̀dọ́ bá kú, tàbí bí ẹnì kan bá kú ikú ọkọ̀, ọ̀fọ̀ ni. A kì í lùlù níbẹ̀, a kì í se àsè, nígbà mìíràn àwọn òbí rẹ̀ kò tilẹ̀ ní mọ ibi tí wọ́n sin ín sí. Ẹni tó wà ní Brazil lè wo fídíò yẹn kó rí ijó lásán. Awakọ̀ Íbàdàn tó wò ó rí ìsìnkú ẹ̀yẹ tí wọ́n gbé lé ikú ọ̀fọ̀ lórí. Ọkàn rẹ̀ á kọ̀ ọ́, ó tiẹ̀ lè má lè sọ ìdí.

Nígbà tí mo padà lọ bá Alàájì lọ́jọ́ Ajé, mi ò ṣe gbogbo àlàyé yìí fún un. Ìbéèrè kan ni mo bi í.

"Alàájì, ẹ jọ̀ọ́, nínú àwọn tó máa ń wo Status yín, ta lẹ mọ̀ tí bíréèkì ti pa èèyàn rẹ̀ rí?"

Ó ná ìka kan. Ó ronú, ó ná ìkejì. Lẹ́yìn náà ó ká ìka méjèèjì padà, ó ní, "Ọkọ ìyá tó ń ta ẹ̀wà níwájú ṣọ́ọ̀bù yìí náà wà níbẹ̀."

"Ẹ lè fi fídíò náà hàn wọ́n?"

"Rárá o. Kò ṣeé ṣe."

Ìbéèrè yẹn ni kí ẹ máa lò, kí ẹ sì béèrè ẹni tó ní orúkọ. Bí ẹ bá béèrè pé "ṣé ó lè dun àwọn èèyàn?", gbogbo ayé ló máa ní kò lè dùn wọ́n. Bí ẹ bá dárúkọ ẹnì kan tó sún mọ́ yín, ìdáhùn á ti ọkàn yín wá.

Bí kò bá bá a mu, ẹ yí ohun tó wà nínú pósí padà

Kì í ṣe gbogbo míìmù tó bá dun èèyàn la máa ń jù nù. Ẹ di egungun rẹ̀ mú, kí ẹ pààrọ̀ ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ń bá wí. Kí ló ti parí fún ní ṣọ́ọ̀bù Alàájì? Páàdì ni! Páàdì tuntun máa ń nípọn tó mìlímítà mẹ́wàá sí méjìlá. Bó bá ti kù bíi mẹ́ta, ó yẹ ká yọ ọ́. Èyí tó ti jẹ tán máa ń han gooro bí irin bá ti ń ha irin. Òun ló gbó, òun ló lo ọjọ́ ayé rẹ̀ pé, òun lèèyàn lè gbé jó láìṣẹ ẹnikẹ́ni.

Bí a ṣe ṣe é rèé. Mẹkáníìkì kan tú táyà, irin ha irin fún ìṣẹ́jú-àáyá méjì. A gé e. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mẹ́rin gbé páálí tí páàdì tuntun wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ léjìká, wọ́n tẹ́ páàdì tó gbó sínú rẹ̀, wọ́n sì jó lọ síbi àkìtàn irin. A kò lo orin "Astronomia". Ọmọ iṣẹ́ karùn-ún fi sípánà lu rímù ọkọ̀, ó sì dùn. Gbogbo rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú-àáyá mọ́kànlá lọ.

Kí a tó gbé e jáde, mo fi han ẹni mẹ́ta: awakọ̀ Máíkírà kan, ọmọ ogún ọdún kan, àti àgbàlagbà obìnrin kan tó ń ta omi. Ẹ má bi wọ́n bóyá ó pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Ẹ bi wọ́n pé, "Kí lẹ rí?" Awakọ̀ ní, "Páàdì ti jẹ tán, wọ́n ń lọ sin ín." Ọmọ ogún ọdún náà sọ bẹ́ẹ̀, ó tún fi kún un pé ti àwọn ará Ghana yẹn ni. Àgbàlagbà ní, "Ta ló kú?"

Ìdáhùn rẹ̀ ló wúlò jù. Òun kò tíì rí míìmù náà rí, páálí àti ijó nìkan ló rí, ọkàn rẹ̀ sì lọ sọ́dọ̀ èèyàn. A padà lọ, a gbé kámẹ́rà sún mọ́ páàdì náà kó tó wọ inú páálí, a jẹ́ kí ọwọ́ mẹkáníìkì fi ibi tó ti jẹ hàn gedegbe. Nígbà tí ìyá náà tún un wò, ó ní, "Ah, irin yẹn ti gbó," ó sì rẹ́rìn-ín.

Ẹ wo ojú ọjọ́ kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì

Láàárọ̀ ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ gbé e jáde, ẹ gbọ́ ìròyìn, ẹ sì bi àwọn tó wà nítòsí léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ohun tó bá a mu lánàá lè má bá a mu lónìí. Ẹ má ṣe ètò pé kí ẹ̀rọ gbé irú nǹkan báyìí jáde fúnra rẹ̀, nítorí pé ẹ̀rọ kì í gbọ́ ìròyìn.

Ọjọ́rú la fẹ́ gbé tiwa síta. Aago méje àárọ̀ ni Alàájì pè mí: ọmọ ẹni tó ń ta táyà ní ìlà kejì sí wọn kú lóru, àìsàn ni, kì í ṣe ọkọ̀. Fídíò wa kò bá ikú ọmọ náà tan rárá. Ṣùgbọ́n bàbá yẹn wà lára àwọn tó máa rí i lórí fóònù wọn. A ti fi í sílẹ̀ di ẹ̀yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ, Alàájì sì ní òun fúnra òun ló máa sọ fún mi bó bá tó àkókò.